Ìbéèrè Òrí Abẹ́ Ewé

"Ààlọ́ mi rèé o, ta ni yóò gbà á?"

"Àwa rèé, ọwọ́ wa ṣófo!"

"Bó bá bọ́ sílẹ̀ ńkọ́?"

"A ó he é!"

Ó dáa. Ààlọ́ mi kò dá lórí ìjàpá lónìí. Ó ti rẹ ìjàpá, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ó dá lórí obìnrin kan tó rẹ̀ ju ìjàpá lọ, ìyá yín tó ń sùn nínú yàrá yẹn, tí kò tilẹ̀ rántí bọ́ aago ọwọ́. Ọmọ́dára, sún mọ́ ibí. Ìfẹ́olúwa, fi ẹsẹ̀ ọmọ ìyá rẹ sílẹ̀. Bí ẹ bá pariwo tó jí, ààlọ́ parí nìyẹn.

Motọ́láyọ̀ ni èmi àti bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ìkìrun níbí la bí i sí, ibí náà ló ti kàwé títí ó fi di olùkọ́. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Yorùbá ní Ìnísà. Lójoojúmọ́ ni yóò jí lọ dúró ní gárééjì, tí yóò máa retí kí bọ́ọ̀sì kékeré kún. Bí kò bá tètè kún, a gun ọ̀kadà, a fi báàgì ìwé sáàárín òun àti ọlọ́kadà. Bàbá yín wà n'Íbàdàn lẹ́nu iṣẹ́, ìparí oṣù ni wọ́n ń yọjú. Nítorí náà, bó bá dé láti Ìnísà, oúnjẹ yín ni, aṣọ yín ni, lẹ́yìn náà ló máa fẹsẹ̀ sínú omi gbígbóná tí yóò sì gbé ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ lé itan. Bíròó pupa á wà lọ́wọ́, ojú á ti pa dé. Mo ti rí i tó sùn lọ bẹ́ẹ̀, tí bíròó ya ilà pupa gbọọrọ sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Nínú ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ wọn yẹn, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní àkàyé. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, wọ́n ń pe ìyẹn ní àyọkà. Ọmọ á kà á, wọ́n á wá bi í ní ìbéèrè lórí rẹ̀. Èmi ò mọ̀wé, àmọ́ orúkọ yẹn yé mi. À-kà-yé ni. Ẹnikẹ́ni ò pè é ní à-kà-sórí.

Lọ́dún tó kọjá, àyọkà kan wà nínú ìwé wọn lórí bí ewé ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ. Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ń pè é ní fotosíńtẹ́sìsì. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni: "Ewé ni ilé ìdáná igi." Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: "Gẹ́gẹ́ bí àyọkà náà ti wí, kí ni ilé ìdáná igi?" Gbogbo kíláàsì ló gbà á. Inú ìyá yín dùn. Ó wá bi wọ́n lẹ́nu pé, "Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé ìdáná yẹn nígbà tílẹ̀ bá ṣú?"

Ọmọkùnrin kan nawọ́. "Wọ́n á fọ abọ́, mà."

Ẹ rẹ́rìn-ín. Àwọn náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ìyá yín nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún délé. Lọ́jọ́ kejì ó kọ gbólóhùn kan sójú pátákó tí kò nítumọ̀ kankan láyé: "Ewé a máa fi ṣàkàtí kìbóńbó." Ó ní, "Kí ni ewé máa ń fi kìbóńbó?" Gbogbo wọn kọ ọ́ sílẹ̀ kíá: ṣàkàtí. Wọ́n gbà á. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ ṣàkàtí, wọ́n sì gbà á!

Ọmọ kan ṣoṣo ni kò kọ nǹkan kan. Wúrà lorúkọ rẹ̀. Ó dìde, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, kí ni wọ́n ń pè ní ṣàkàtí?"

Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, Ṣàkàtí ni wọ́n ń pe ọmọ náà.

Wúrà yìí, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ló ń gbé ní Ìnísà. Bó bá kàwé, ohun tó yé e ló máa kọ, lọ́rọ̀ ara rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bá a jà. Nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló pa ìdánwò wọn pọ̀, ti Ìkìrun, ti Ìnísà àti ti Òkukù, olùkọ́ kì í máàkì ìwé ọmọ ara rẹ̀. Ẹni tó ń máàkì á gbé ìwé ìdáhùn síwájú, á máa fi gbólóhùn wé gbólóhùn. Bí ti ọmọ bá yàtọ̀, ó fagi lé e. Bẹ́ẹ̀ ni Wúrà ṣe ń gba oódo níbi tí ọmọ tó ń kìbóńbó ti ń gba mẹ́wàá.

Nígbà tí ìdánwò ìparí ọdún ń bọ̀, ìyá yín ka máàkì Wúrà látẹ̀yìnwá. Ẹ̀kọ́ mẹ́fà lọmọ gbọ́dọ̀ yege kó tó gòkè sí kíláàsì kejì. Márùn-ún ni Wúrà lè fọwọ́ sọ̀yà lé, Yorùbá ló máa di ẹ̀kẹfà. Àǹtí rẹ̀ sì ti wá sí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò tilẹ̀ jókòó. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ gbọ́ o. Bí kò bá gòkè lọ́tẹ̀ yìí, mo ti bá ìyá aránṣọ sọ ọ́ pé ó ń bọ̀ wá kọ́ṣẹ́. Mi ò lè máa wo ọmọ tó ń jókòó sójú kan."

Ìyá yín ni wọ́n wá pín àkàyé ọdún yẹn fún láti kọ. Àyọkà ewé yẹn náà ni wọ́n ní kó lò, ìbéèrè nìkan ni kó fi tirẹ̀ sí.

Ọ̀sán Sátidé ni. Mo ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé, ó gbé àpótí wá jókòó tì mí, ó ń ka ìbéèrè tó kọ síta bó ṣe máa ń ṣe.

"Bí a bá gbin àgbàdo sábẹ́ igi máńgòrò ńlá, ṣé yóò ṣe dáadáa?"

Mo ní, "Níbo? Á kàn máa ga tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò níí gbó."

Ó wojú mi. Ó ka èkejì. "Bí ewúrẹ́ bá ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ tán ní gbogbo ìgbà, báwo ni ẹ̀gẹ́ inú ilẹ̀ yóò ṣe rí?"

"Á dà bí ìka ọwọ́. Ewúrẹ́ ta ni?"

"Màámi, ẹ dákẹ́ ná." Ó ka ẹ̀kẹta, ti ewébẹ̀ tí a kò bomi rin lọ́gbẹlẹ̀. Mo tún dáhùn. Ṣé ìyẹn náà ni ìbéèrè?

Ló bá fa ìwé náà ya. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé mo ti ṣi í dáhùn ni.

"Ẹ gbà á," ó ní. "Ẹ gba gbogbo ẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ ò tíì gbọ́ àyọkà, ẹ sì gba gbogbo ẹ̀. A jẹ́ pé ìbéèrè oko ni mo kọ. Ọmọ tó bá ti bá bàbá rẹ̀ lọ oko á gbà á láìka nǹkan kan. Ọmọ tó bá dàgbà sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù á kàwé tán, kò níí gbà á."

Mo ní, "Kọ èyí tí wọ́n á rí nínú ìwé nígbà náà."

"Ìyẹn ni ṣàkàtí, Màámi."

Ó ń mú ẹ̀gúsí mi jẹ, ó ń wo ilẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá ní kó sùn síbẹ̀ lórí èèpo ẹ̀gúsí, yóò sùn. Nígbà tó pẹ́, ojú rẹ̀ lọ sí igbá òrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èyí tí mo fi ń pa orúnkún. Ó dìde, ó wọlé. Ìgbà tó jáde, ìbéèrè kan ṣoṣo ló mú wá.

"Àyànfẹ́ fi òrí pa gbogbo abẹ́ ewé ilá kan. Ó ń bomi rin ín, ó sì gbé e sínú oòrùn. Kí ni ilá náà kò ní rí gbà, kí ni yóò sì ṣe é?"

Mo rò ó títí. Mo ní, "Òrí kẹ̀? Ewé á máa dán. Á jọ̀lọ̀ bí ara ọmọ ọwọ́."

Motọ́láyọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. "Ẹ ò gbà á! Màámi, ẹ ṣeun gan-an, ẹ ò gbà á!"

"O ń bú mi ni?"

"Rárá o. Ẹ wá gbọ́ àyọkà báyìí."

Ó kà á fún mi. Ó ní gbòǹgbò ló ń fa omi ránṣẹ́ sókè sí ewé. Ó ní ihò wínníwínní tí ojú lásán ò lè rí wà lára ewé, abẹ́ ewé ló sì pọ̀ sí jù. Ihò yìí ni irú afẹ́fẹ́ tí àwa èèyàn ń mí síta ń gbà wọlé. Ó ní ohun kan tó sọ ewé di aláwọ̀ ewé wà nínú rẹ̀, òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, agbára ìmọ́lẹ̀ yẹn ni ewé fi ń sọ omi àti afẹ́fẹ́ náà di ṣúgà. Ṣúgà yẹn loúnjẹ rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, a kó o pamọ́ sínú isu, sínú ẹ̀gẹ́, sínú èso. Afẹ́fẹ́ tí àwa fẹ́ mí símú ni ewé ń tú síta lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ní ajílẹ̀ gan-an kì í ṣe oúnjẹ, bí iyọ̀ ọbẹ̀ ló rí. Ìyẹn yà mí lẹ́nu. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, ilẹ̀ ni mo rò pé ó ń bọ́ ẹ̀gẹ́. Ó ní tílẹ̀ bá ṣú, ìdáná á dúró, àmọ́ ewé ò dẹ́kun mímí tọ̀sán-tòru. Fuad, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wọn, ló bá a tún ibẹ̀ ṣe, nítorí ìwé àtijọ́ sọ pé òru nìkan ni ewé ń mí.

Kò sọ nǹkan kan nípa òrí. Mo tẹ́tí sí i, mi ò gbọ́ òrí níbẹ̀.

Mo padà sídìí ẹ̀gúsí mi. Mo bó bí ogún. Mo wá ní, "Motọ́láyọ̀, òrí yẹn ti dí ihò. Omi dé, oòrùn dé, afẹ́fẹ́ ò rọ́nà wọlé. Kí ló fẹ́ fi dáná? Ebi ni yóò pa á, á máa joro díẹ̀díẹ̀."

Ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Bó ṣe ń kọ ìbéèrè mìíràn nìyẹn títí ọjọ́ ìdánwò. Á kọ́kọ́ bi mí láìka àyọkà. Bí mo bá gbà á, ó fagi lé e. Lẹ́yìn náà á wá gbólóhùn tí ọmọ lè dà kọ nínú àyọkà. Bó bá rí i, ó tún fagi lé e. Mẹ́rìnlélógún ló kọ, mẹ́rin ló yè é. Ó fi ìkan tó rọrùn kún un kí ó lè pé márùn-ún, ó ní kí àwọn ọmọ má baà kú sẹ́nu ọ̀nà.

Òkukù ni wọ́n ti máàkì. Olórí wọn níbẹ̀ ni Alàgbà Àjíṣafẹ́, àgbà olùkọ́ tó ti kọ́ ìyá yín níbí rí, tí ìfẹ̀yìntì wọn ti sún mọ́. Ojú ń dùn wọ́n, ìwé sì ju igba lọ. Ìyá yín ò kọ gbólóhùn kankan sínú ìwé ìdáhùn. Lábẹ́ ìbéèrè òrí, ohun tó kọ ni pé, kí ọmọ fi hàn pé ọ̀nà afẹ́fẹ́ ti dí, máàkì kan. Kí ó fi hàn pé nítorí náà oúnjẹ ò níí ṣeé sè bí omi àti oòrùn tilẹ̀ wà, máàkì kan. Ọ̀rọ̀ yòówù kí ó fi sọ ọ́.

Alàgbà gbé ìwé náà súnmọ́ ojú. "Màdáámù, gbólóhùn dà?"

"Kò sí, sà. Òye la ń wá."

"Òye?" Wọ́n bọ́ dígí ojú. "Èmi tí mo fẹ́ máàkì igba ìwé kí n tó rí bọ́ọ̀sì wọ̀, òye lo ní kí n máa wá? Ó dáa. A máa wá a."

Ó ti di ìrọ̀lẹ́ nígbà tí Alàgbà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo ìkan! Ẹ wá wo ìkan! Ọmọ yìí ní, 'Omi wà níkòkò, iná ń jó, àmọ́ òrí ti ti ilẹ̀kùn mọ́ èlùbọ́ síta. Afẹ́fẹ́ ni èlùbọ́ ewé. Ìkòkò á kàn máa hó lásán ni, ebi á pa ilá.' Èlùbọ́! Ewé ń rokà! Níbo ni wọ́n ti dárúkọ èlùbọ́ nínú àyọkà?" Wọ́n fi bíròó pupa ya oódo ńlá.

Kò sí orúkọ lára ìwé, nọ́ńbà nìkan ni. Àmọ́ ìyá yín mọ ohùn yẹn. Ó sọ fún mi pé bó bá dárúkọ ọmọ náà, ojúsàájú ni. Bó bá sì dákẹ́, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ nìyẹn.

Ó fa àga súnmọ́ Alàgbà. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ pa àyọkà dé. Ẹ̀yin fúnra yín, bí a bá fi òrí pa abẹ́ ewé, kí ni kò ní rí gbà?"

"Èmi ni o fẹ́ dán wò?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé kí a máa béèrè, sà."

Alàgbà gbé orí sókè, wọ́n ka ohun tí wọ́n ti há sórí, wọ́n ní, "Fotosíńtẹ́sìsì ni ọ̀nà tí ewéko ń gbà fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́..." Ọ̀rọ̀ náà ń dà lẹ́nu wọn bí omi ẹ̀rọ, kò fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún. Wọ́n kà á parí.

Fáànù òkè ń dún.

Alàgbà ní, "Mi ò dárúkọ òrí."

"Rárá, sà."

Wọ́n tún gbé ìwé yẹn. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì, ìka wọn ń tẹ̀ lé e. "Omi wà. Iná, oòrùn nìyẹn. Èlùbọ́..." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ọmọ aláìgbọràn yìí mọ̀ ọ́n o. Èmi ni mo kàn kà á sórí." Wọ́n fagi lé oódo, wọ́n kọ méjì.

Ibi tí ìyá yín rò pé wàhálà parí sí nìyẹn, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Alàgbà ní ohun tí a bá ṣe fún ìwé kan, a ó ṣe é fún gbogbo wọn. Kí wọ́n kó gbogbo èyí tí wọ́n ti máàkì padà wá. Ó pé mọ́kànlélọ́gọ́rin. Àwọn olùkọ́ yòókù kọ háà, ìkan ní òun ti di ẹrù òun. Ẹnu ìyá yín kò gbà á láti ní kí wọ́n má ṣe é. Ọjọ́ méjì tí wọ́n dá di mẹ́rin. Lójoojúmọ́ ló ń ti Òkukù dé, ọrùn á ti le, mo ń fi òrí yẹn náà pa á fún un.

Ẹni mọ́kànlá ló tún gba máàkì tí wọ́n ti jẹ wọ́n. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dà á kọ fìdí rẹmi níbi òrí, gbogbo wọn kọ ọ́ pé ewé ni ilé ìdáná igi. Wúrà fi máàkì méjì péré yege Yorùbá. Èlùbọ́ rẹ̀ nìyẹn, kò lé kò dín.

Ó gòkè. Àǹtí rẹ̀ kò wá dúpẹ́, wọ́n ní kí ẹnìkan sọ fún ìyá aránṣọ pé kó mú ọmọ mìíràn.

Lánàá ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ní ìbéèrè náà dára, àmọ́ máàkì rẹ̀ pẹ́ jù, láti ìsinsìnyí lọ, ìkan ṣoṣo irú rẹ̀ ni kó máa wà nínú márùn-ún. Ìyá yín kà á fún mi ní ìdúró. Mo retí pé yóò bínú. Ó kàn pa lẹ́tà náà pọ̀, ó ní, "Ìkan náà tó," ó wọlé lọ sùn. Ìgbà yẹn lẹ ti ń rí i lórí bẹ́ẹ̀dì, ìgbà oúnjẹ nìkan ló ń dìde.

Ọmọ́dára, kí lo gbọ́ nínú ìtàn yìí?

"Ẹ ní ewé ni ilé ìdáná igi."

Ehn! Ṣàkàtí. Ìfẹ́olúwa, ìwọ ńkọ́?

"Pé kí n má jí Màámi."

Ìwọ lo gbà á. Ó tó. Ẹ ká ẹní, ẹ wọlé lọ sùn. Ẹ rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹnìkan sì bá mi bọ́ aago ọwọ́ yẹn.